Ìjábọ̀ Àyẹ̀wò Físíìsì: Ṣé Ìlà Tààrà Bá Àkókò Pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù Mu? Ìdájọ́ Láti Ọwọ́ Àwọn Àṣẹ́kù

Ohun tí a fẹ́ mọ̀

Bí okùn pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù bá ṣe gùn tó ni fífì rẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó. Ìyẹn kò ní àríyànjiyàn nínú. Ohun tí àyẹ̀wò yìí ń wádìí ni bí ó ṣe ń pẹ́ sí i: ṣé àkókò fífì kan, T, ló ń bá gígùn okùn, L, lọ ní ìlà tààrà, àbí T² ni? Láàárín 20 sí 100 sẹ́ńtímítà, ojú lásán lè gba méjèèjì wọlé. Ìdí nìyí tí a fi gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn àṣẹ́kù.

Àṣẹ́kù ni ohun tó ṣẹ́ kù nígbà tí a bá yọ iye tí ìlà sọ kúrò nínú iye tí a wọ̀n. Bí ó bá jẹ́ +, ojúàmì wa wà lókè ìlà. Bí ó bá jẹ́ −, ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Bí a ṣe ṣe é

Nínú yàrá kíláàsì ọjọ́ Sátidé wa ní Kubwa, Abuja, ni a ti ṣe é, nínú oṣù kìíní, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́. A ti fèrèsé, a sì pa fáànù, nítorí afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó láti da fífì okùn tẹ́ẹ́rẹ́ rú. Bọ́ọ̀lù irin kan tí kálípà sọ pé ìbú rẹ̀ jẹ́ 2.4 sẹ́ńtímítà la so mọ́ okùn, a sì fi kọ́ọ̀kì tí a là sí méjì há okùn náà lórí sítáńdì. Láti ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀kì dé orí bọ́ọ̀lù la ti wọn L, kì í ṣe dé àárín bọ́ọ̀lù. A mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀, nítorí orí bọ́ọ̀lù ni rúlà ti lè kàn án láìsí pé à ń méfò. A óò padà sórí ọ̀rọ̀ sẹ́ńtímítà 1.2 tó wà láàárín orí bọ́ọ̀lù àti àárín rẹ̀.

Igun tí a fà á dé kò ju 5° lọ. Ní igun yẹn, ohun tí fífẹ̀ fífì ń fi kún T kò tó 0.05%. Àlọ àti àbọ̀ la kà sí fífì kan. Àárín, níbi tí bọ́ọ̀lù ti ń sáré jù, la ti ń tẹ aago, a sì fa ìlà sára pátákó lẹ́yìn okùn kí ojú má baà ṣìnà. Ogún fífì la kà lẹ́ẹ̀kan, a tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta fún gígùn kọ̀ọ̀kan, a sì wá ìpíndọ́gba. Ìyàtọ̀ láàárín èyí tó yá jù àti èyí tó pẹ́ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábà máa ń wà ní nǹkan bí 0.2 ìṣẹ́jú-àáyá. Nítorí náà a ka àìdánilójú ìpíndọ́gba sí ±0.06 ìṣẹ́jú-àáyá lórí ogún fífì, èyí tó jẹ́ ±0.003 lórí T. Kí olùkàwé di iye yìí mú, nítorí òun ni òṣùwọ̀n tí a óò fi wo gbogbo àṣẹ́kù.

Àbájáde

| L (m) | T (s) | àṣẹ́kù T (s) | T² (s²) | àṣẹ́kù T² (s²) |
|---|---|---|---|---|
| 0.20 | 0.9275 | −0.067 | 0.860 | +0.005 |
| 0.30 | 1.1190 | −0.010 | 1.252 | −0.007 |
| 0.40 | 1.2920 | +0.028 | 1.669 | +0.006 |
| 0.50 | 1.4390 | +0.041 | 2.071 | +0.004 |
| 0.60 | 1.5680 | +0.035 | 2.459 | −0.012 |
| 0.70 | 1.6990 | +0.032 | 2.887 | +0.012 |
| 0.80 | 1.8090 | +0.007 | 3.272 | −0.006 |
| 0.90 | 1.9150 | −0.021 | 3.667 | −0.015 |
| 1.00 | 2.0250 | −0.046 | 4.101 | +0.015 |

Ìlà tó bá T mu jù lọ ni T = 1.345L + 0.725, R² rẹ̀ sì jẹ́ 0.989. Ti T² ni T² = 4.038L + 0.048, R² rẹ̀ sì ju 0.9999 lọ. Kọ̀ǹpútà la fi ṣe ìṣirò. L wà ní òpó A, T ní òpó B, àṣẹ́kù ìlà T sì wá láti ibi àṣẹ yìí:

```
=B2-(SLOPE(B$2:B$10,A$2:A$10)*A2+INTERCEPT(B$2:B$10,A$2:A$10))
```

Ìjíròrò lórí àwọn àṣẹ́kù

Nígbà tí a kọ́kọ́ ya gíráàfù T sí L, ẹni tó ń tẹ aago nínú wa sọ pé iṣẹ́ ti parí, pé ìlà tó gba 0.989 nínú 1 kò ní àléébù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n R² kò sọ ju bí ìlà ṣe kó ìyípadà T mọ́ra tó lọ. Kò sọ bóyá ohun tó ṣẹ́ kù ní ètò tàbí kò ní. Ní 1973, Francis Anscombe gbé àkójọ nọ́ńbà mẹ́rin kalẹ̀ tí ìlà wọn bára mu, tí R² wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n tí gíráàfù wọn kò jọra rárá: ọ̀kan nínú wọn tẹ̀ bí ọrun. Irú èyí tó tẹ̀ yẹn gan-an ló wà níwájú wa.

Ẹ wo àmì àwọn àṣẹ́kù T láti òkè dé ìsàlẹ̀: − − + + + + + − −. Lẹ́ẹ̀mejì péré ni àmì yí padà nínú ojúàmì mẹ́sàn-án. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ tó ń tẹ aago nìkan ló ń fa àṣẹ́kù, kò sí ìdí tí yóò fi máa tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀nà kan náà fún gígùn márùn-ún tó tẹ̀ lé ara wọn ní àárín, kí ó sì ṣe òdìkejì ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Àwọn ojúàmì náà ga ní àárín, wọ́n sì rẹlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Ohun tí ìlà tààrà máa ń ṣe nìyẹn nígbà tí a bá fi dábùú ohun tó tẹ̀.

Ìtóbi wọn tún burú ju àmì wọn lọ. Àìdánilójú T jẹ́ 0.003, àṣẹ́kù ní 0.20 mítà jẹ́ 0.067, ó ju ìlọ́po ogún rẹ̀ lọ. Nínú gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, kò sí ọ̀kan tó kéré tó 0.003. A kò lè di èyí ru aago. Ìlà náà tún ní kí pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù tí kò ní okùn rárá máa fi 0.725 ìṣẹ́jú-àáyá fì, èyí tí kò bọ́gbọ́n mu rárá.

Ní ti T², àmì náà lọ báyìí: + − + + − + − − +. Ó yí padà lẹ́ẹ̀mẹfà, a kò sì rí ètò kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wò ó dáadáa yóò rí i pé àṣẹ́kù ń tóbi sí i bí okùn ṣe ń gùn: 0.005 ní ìbẹ̀rẹ̀, 0.015 ní ìparí. Ṣé àléébù nìyẹn? A yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó dáhùn. Nígbà tí a bá sọ T di T², àìdánilójú rẹ̀ di 2T × 0.003. Ní 0.20 mítà, ó jẹ́ 0.006, ní 1.00 mítà, ó jẹ́ 0.012. Títóbi tí àwọn àṣẹ́kù ń tóbi sí i bá èyí lọ ní ẹsẹ̀ kan náà, kò sì sí àṣẹ́kù kan tó ju ìlọ́po 1.4 àìdánilójú tirẹ̀ lọ. Ọ̀nà tí a gbà ṣírò T² ló tú wọn ká bẹ́ẹ̀. Àpẹẹrẹ ìlà fúnra rẹ̀ kò ní ẹ̀sùn tó ń jẹ́.

Ẹjọ́ kejì wà nínú 0.048 tó wà lẹ́yìn 4.038L. Ìwé kọ T² = 4π²L/g, níbi tí g ti jẹ́ bí òòfà ilẹ̀ ṣe ń mú ohun tó ń jábọ́ yára sí i, kò sí nọ́ńbà kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnìkan nínú wa fẹ́ kí a fi agbára mú ìlà gba òdo kọjá kí ó lè bá ìwé mu. A dán an wò. Ìdagẹ̀rẹ̀ ìlà náà di 4.106, àwọn àṣẹ́kù sì di +0.039, +0.020, +0.027, +0.018, −0.005, +0.013, −0.012, −0.028, −0.005. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè ìlà dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, àkọ́kọ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méje àìdánilójú rẹ̀. Ẹ̀rí tó ń wí pé nọ́ńbà yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe nìyí, pé kò yẹ kí a lé e jáde.

Iṣẹ́ rẹ̀ sì hàn. Àárín bọ́ọ̀lù ni gígùn pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù ń dé, orí bọ́ọ̀lù la sì wọ̀n dé. Bí a bá fi 4.038 pín 0.048, a óò rí 0.012 mítà, ìyẹn 1.2 sẹ́ńtímítà, pẹ̀lú àìdánilójú nǹkan bí 0.2. Ìdajì ìbú tí kálípà wọ̀n fún bọ́ọ̀lù náà gan-an nìyẹn. Inú wa dùn sí ibi yìí ju gbogbo ibi yòókù lọ, nítorí a kò fi ìbú bọ́ọ̀lù sínú ìṣirò, síbẹ̀ ó jáde nínú rẹ̀.

Láti ìdagẹ̀rẹ̀ 4.038 ± 0.015, g jẹ́ 9.78 ± 0.04 m/s². Ìlà tí a fi agbára mú gba òdo kọjá fún wa ní 9.62. Ní ìtòsí ìlà agbedeméjì ayé, létí òkun, g jẹ́ nǹkan bí 9.780, ní òpó ayé ó jẹ́ 9.832. Ìyàtọ̀ yìí ni aago pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù Jean Richer fi hàn ní 1672, nígbà tó gbé e láti Paris lọ sí Cayenne, nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, tó sì ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ falẹ̀ lójúmọ́. Abuja, tó wà ní nǹkan bí 9° ní àríwá ìlà náà, kò jìnnà sí 9.780, nítorí náà a gba 9.78 tiwa.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. A fẹ́ kí ọjọ́ yẹn dé kí a tó kó ohun èlò kúrò nílẹ̀, nítorí náà a so okùn mítà 1.50 mọ́ igi òkè ẹnu ọ̀nà. Kí a tó fì í, a kọ ohun tí ìlà kọ̀ọ̀kan sọ sára pátákó: ìlà T ní ogún fífì yóò gba 54.9 ìṣẹ́jú-àáyá, ìlà T² ní 49.4. Aago sọ 49.46. Àṣẹ́kù T² níbẹ̀ jẹ́ +0.010, àìdánilójú rẹ̀ sì jẹ́ 0.015. Ti ìlà T ju ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún lọ lórí ogún fífì, ẹni tó sì ní iṣẹ́ ti parí ló kọ 49.46 náà sínú ìwé fúnra rẹ̀.