Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí àkáǹtì mi: àlàyé ibi tí owó inú rẹ̀ ti wá

Ọjọ́ 17, oṣù Kẹta, ọdún 2025

Sí Máníjà Ẹ̀ka, àti ẹ̀yin tí ẹ ń yẹ ìwọlé-jáde owó wò,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ni àkáǹtì ìfowópamọ́ tí nọ́ḿbà rẹ̀ parí sí 4471. Láti àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 6 oṣù yìí, ni ẹ ti tì í pa. Dọ́là 65,968 ló wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Owó ilé bàbá mi tó dolóògbé ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìwé rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo kó ẹ̀dà wọn mọ́ lẹ́tà yìí, mo sì kọ lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì sí igun òkè ìkọ̀ọ̀kan kí ó lè rọrùn fún yín láti wá.

Mo mọ̀ pé òfin tó ń gbógun ti fífọ owó èérú mọ́ ló ní kí báńkì bi oníbàárà bí owó rẹ̀ ṣe jẹ́, àti pé ìgbà mìíràn wà tí òfin kan náà kì í jẹ́ kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí. Nítorí náà n kò bá ẹnikẹ́ni bínú, n kò sì ní kí ẹ wá máa ṣàlàyé fún mi. Mo jókòó ti àkọsílẹ̀ àkáǹtì náà, mo wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí yóò ṣe wò ó. Odindi ọdún mẹ́sàn-án, owó oṣù mi nìkan ló ń wọlé. Lẹ́yìn náà, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, dọ́là 92,750 ya wọ inú rẹ̀ lọ́nà mẹ́ta: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí kò bá mi ṣòwò rí, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ lọ́yà, ìkẹta sì jẹ́ owó lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ránṣẹ́ síta. Mo gbà pé ó yẹ kí ẹ béèrè. Ìdáhùn mi nìyí.

Bàbá mi kú ní ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 2024 (ìwé A ni ìwé ẹ̀rí ikú rẹ̀). Ìyá wa ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ìwé ìhágún tó fi sílẹ̀ ní kí a ta ilé tó ń gbé, kí àwa ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pín owó rẹ̀ dọ́gba-dọ́gba, kí èmi àkọ́bí sì bójú tó o. Ilé-ẹjọ́ fún mi ní àṣẹ láti ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún náà. Ìwé ìhágún ni B, àṣẹ ilé-ẹjọ́ ni D, ìwé tó fi hàn pé bàbá mi ló ni ilé láti ọdún 1987 ni E.

A ta ilé náà ní dọ́là 96,000. Ìwé àdéhùn títà rẹ̀, tí a fọwọ́ sí ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún 2025, ni Ẹ. Ẹni tó ra ilé san ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìyẹn 9,600, tààrà sínú àkáǹtì mi ní ọjọ́ 12. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò dáadáa, torí orúkọ tó wà lórí owó náà kì í ṣe orúkọ tó wà nínú àdéhùn. Àkáǹtì ìyàwó rẹ̀ ló ti fi í ránṣẹ́, nítorí pé ibẹ̀ ni tọkọtaya náà ń tọ́jú owó ilé sí. Èmi ò mọ̀ nígbà yẹn pé ó lè dá ìyọnu sílẹ̀. Ǹ bá ti ní kí ó san án láti inú tirẹ̀. Àwọn méjèèjì ti kọ lẹ́tà, wọ́n sì fọwọ́ sí i níwájú lọ́yà. Ìyẹn ni F, pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé ìgbéyàwó wọn àti káàdì ìdánimọ̀ àwọn méjèèjì.

86,400 tó ṣẹ́ kù gba ọwọ́ lọ́yà wa. Ó yọ 5,400 fún iṣẹ́ rẹ̀ àti owó ìyípadà ìwé ilé, ó sì fi 81,000 ránṣẹ́ sí mi ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì. Ìṣirò rẹ̀ ni G. Nínú ìwé náà, ó tún sọ pé òun ti yẹ ibi tí olùrà ti rí owó wò kí òun tó gbà á.

Owó lọ́wọ́ tí mo kó wá sí káńtà ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta jẹ́ 2,150. Télọ̀ ni bàbá mi. Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́rin, ẹ̀rọ tó ń ṣẹ́ etí aṣọ kan àti tábìlì tó fi ń gé aṣọ ni mo tà fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ kan náà. Risíìtì márùn-ún tí mo fi ọwọ́ kọ ló wà nínú Gb. Ẹni tó ra ìkọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí tirẹ̀, ó sì kọ nọ́ḿbà fóònù rẹ̀ sí i. Òróró ẹ̀rọ ta sí ọ̀kan nínú wọn, iye rẹ̀ kò sì hàn dáadáa: 640 ni, ojúlówó rẹ̀ sì wà nílé bí ẹ bá fẹ́ rí i. Mo tún fi fọ́tò àwọn ẹ̀rọ náà sí i, èyí tí mo yà kí wọ́n tó gbé wọn lọ.

Ní ti èyí tó ń jáde: 9,600 àti 81,000 jẹ́ 90,600, ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan wa sì jẹ́ 30,200. Mo fi ti àbúrò mi obìnrin ránṣẹ́ ní ọjọ́ 5, ó sì gbà á. Ti àbúrò wa ọkùnrin ni mo ń fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ kejì tí ẹ̀rọ fi kọ̀. Àdéhùn ìpín tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí ni H. Owó àwọn ẹ̀rọ kò sí nínú ìpín. Gbèsè tó kù ní ilé ìwòsàn tí bàbá mi kú sí la fẹ́ fi san, ìwé gbèsè náà ni I. 3,418 yòókù nínú àkáǹtì jẹ́ owó oṣù mi, ìwé owó oṣù mẹ́fà wà nínú J.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ṣí àkáǹtì náà. Bí àyẹ̀wò yín kò bá tíì parí, mo bẹ̀ yín kí ẹ yọ̀ǹda owó oṣù mi, 3,418 náà, nítorí owó ilé tí mo háyà gbọ́dọ̀ wọlé kí oṣù yìí tó parí, kò sì sí àkáǹtì mìíràn lọ́wọ́ mi. Bí ìwé kan bá sì kù tàbí tí ọ̀kan kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ sọ èyí tó jẹ́ fún mi lórí nọ́ḿbà tó wà nínú fáìlì mi, màá sì gbé e wá lọ́jọ́ kejì. Lọ́yà ti fọwọ́ sí ẹ̀dà A títí dé E pé wọ́n bá ojúlówó mu. Ẹ bá mi fi òǹtẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ gba ìwé wọ̀nyí sí ẹ̀dà lẹ́tà yìí tí mo mú lọ́wọ́.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ kaṣíà tó dá mi lóhùn lọ́jọ́ 6. Mo dé ibẹ̀ pẹ̀lú ìpayà, ó sì fún mi ní àga kó tó sọ̀rọ̀.

Èmi ni tiyín,

Oníbàárà yín láti ọdún 2016, ẹni tó ni àkáǹtì tó parí sí 4471