Àyẹ̀wò Samsung Galaxy A15 4G: ojú rẹ̀ dára, fídíò rẹ̀ kò tó | Ta ló yẹ kó rà á?

Orúkọ fáìlì
ayewo-samsung-galaxy-a15-4g-yoruba.mp4

Ọ̀rọ̀ orí àwòrán ìbòjú
RA 6 GB, FI 4 GB SÍLẸ̀

Àpèjúwe
Bí ẹ bá ń wá Samsung tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọn á sì máa ṣe àtúnṣe ààbò rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, Galaxy A15 4G yẹ yín. Bó bá jẹ́ fídíò lẹ fẹ́ máa fi ṣiṣẹ́, tàbí géèmù tó wúwo, ẹ wá òmíràn.

OHUN TÓ DÁRA
Ojú rẹ̀ ló gba iwájú. Super AMOLED ni, íǹṣì 6.5, 1080 × 2340, 90 Hz, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì lè dé 800 nits. LCD ló wà lójú ọ̀pọ̀ fóònù tí owó wọn sún mọ́ tirẹ̀, dúdú wọn a sì máa rí bí eérú. Lójú A15, iná píksẹ́lì tó yẹ kó dúdú ń kú pátápátá, ìdí nìyẹn tí dúdú rẹ̀ fi dúdú kirikiri. Ẹ lọ sí Settings > Display > Motion smoothness, kí ẹ yan High kí ẹ lè rí 90 Hz náà. Standard máa ń dá a padà sí 60 Hz, ó sì máa ń dín iná tí fóònù ń jẹ kù.

Samsung ṣèlérí Android tuntun mẹ́rin lé lórí Android 14 tó bá a jáde, àti àtúnṣe ààbò fún ọdún 5. Ẹ rántí o: láti ìgbà tí fóònù náà jáde, ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ni wọ́n ti ń ka ọdún náà. Ẹni tó rà á lónìí ti pàdánù apá kan nínú rẹ̀.

Bátìrì 5000 mAh. Ihò íápíìsì 3.5 mm ṣì wà. Ìtẹ̀ka wà lára bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́.

OHUN TÍ KÒ DÁRA
Kò sí orí ṣájà nínú páálí. 25 W ni fóònù náà lè gbà, ṣùgbọ́n orí ṣájà tó ní ìlànà gbígba iná USB PD pẹ̀lú PPS ló lè fún un, bíi EP-TA800 ti Samsung fúnra rẹ̀. Kí wọ́n kọ 25W sára ṣájà nìkan kò tó. Ẹ wá PPS lára rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò máa gba iná díẹ̀díẹ̀.

Fídíò kò kọjá 1080p ní 30 fps, níwájú àti lẹ́yìn. OIS kò sí, kò sí ohun tó ń mú lẹ́ńsì dúró bí ọwọ́ bá ń mì, nítorí náà àwòrán alẹ́ tètè máa ń rú. Kámẹ́rà 50 MP ṣe dáadáa lójú ọ̀sán. 2 MP tí wọ́n fi kún un fún àwòrán ohun kékeré kò wúlò, kí ẹ má ka á sí kámẹ́rà.

Síìmù méjì, tàbí síìmù kan àti káàdì mẹ́mórì: ẹ ò lè lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Sípíkà kan ṣoṣo ló ní, nísàlẹ̀, ìka sì máa ń bò ó bí ẹ bá dá fóònù dùbúlẹ̀ ta géèmù. Kò ní ìwọ̀n IP kankan, ẹ má jẹ́ kí omi kàn án.

Ẹ̀yà RAM 4 GB ni kí ẹ sá fún jù. One UI tí Samsung fi bo Android wúwo: bí ẹ bá kúrò nínú áàpù kan lọ sí òmíràn, èyí tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ á ti pa dé, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn orí fídíò
0:00 Ìdájọ́ ní kúkúrú
0:48 Inú páálí, àti orí ṣájà tí kò sí
2:05 Ojú fóònù lábẹ́ oòrùn
3:50 Ṣíìpù Helio G99 àti géèmù
5:32 4 GB àti 6 GB lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn
7:10 Àwòrán ọ̀sán, àwòrán alẹ́, fídíò
9:24 Bátìrì àti PPS
10:45 Ta ló yẹ kó rà á?

Ọ̀rọ̀ ìwákiri
Samsung Galaxy A15, Galaxy A15 4G, SM-A155F, ayewo foonu, àyẹ̀wò fóònù, ayewo Samsung A15 ni Yoruba, foonu Samsung to dara, Helio G99, Mali-G57 MC2, Super AMOLED 90Hz, 5000mAh, 25W PPS, EP-TA800, 50MP, RAM 6GB, 128GB, One UI 6, Android 14, A15 4G tabi 5G

Háṣítáàgì
#GalaxyA15 #AyewoFoonu #Yoruba

Kọ́mẹ́ǹtì tí a gbé sókè
Kí ẹ tó sanwó: A15 4G àti A15 5G jọra gan-an lójú, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ ṣí Settings > About phone. SM-A155 ni 4G, Helio G99 ló wà nínú rẹ̀, kò sì lè gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì 5G láéláé. SM-A156 ni 5G, Dimensity 6100+ ni tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ *#06#, kí ẹ fi nọ́mbà IMEI tó bá yọ wé ti ara páálí. Bí wọn ò bá bára mu, ẹ dá fóònù náà padà fún ẹni tó ń tà á.