Lẹ́tà sí àwọn òbí Títílọpẹ́ lórí àìsàn tí a bá lára rẹ̀

Ẹ̀ka Ìtọ́jú Ọpọlọ àti Iṣan-ara,
Lọ́ńdọ̀nù.
16 Oṣù Kẹwàá, 2025.

Ẹ̀yin Bàbá àti Ìyá Títílọpẹ́,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú àníyàn ọmọ. Títílọpẹ́ fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ̀wé sí yín ní Ìbàdàn, ó sì fún mi láṣẹ láti sọ gbogbo ohun tí a rí. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ kí tẹbí-tará lè kà á, kí ọ̀rọ̀ má baà di àgbọ́sọ.

Àìsàn tó ń ṣe é ni mọ́típù sìkìlẹrósíìsì. Ẹ́mù-ẹ́ẹ̀sì ni àwa dókítà máa ń gé e kúrú sí. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í ràn, kì í sì í ṣe àrùn ọpọlọ tó ń sọni di wèrè. A ò tíì ní oògùn tó ń wò ó sàn pátápátá, ṣùgbọ́n a ní èyí tó ń ká a lọ́wọ́ kò dáadáa. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ bá wa gbà á níyànjú láti bẹ̀rẹ̀ oògùn náà báyìí, nígbà tó ṣì ń rìn, tó ń ṣiṣẹ́, tí ara rẹ̀ sì le.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí Ọlọ́run dá láti máa gbógun ti kòkòrò àrùn ló ṣìnà, tí wọ́n kọjú ìjà sí ọpọlọ, iṣan ojú àti mùdùnmúdùn inú eegun ẹ̀yìn. Iṣan kọ̀ọ̀kan tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ kiri ní ohun tó bò ó bí rọ́bà ṣe ń bo wáyà iná. Máyẹ́líìnì ni orúkọ rẹ̀. Níbi tó bá ti bó, iṣẹ́ tí ọpọlọ rán kò ní tètè dé, nígbà mìíràn kò ní dé rárá. Ìdí nìyí tí àmì rẹ̀ fi yàtọ̀ láti ara ẹnì kan sí èkejì: ibi tí máyẹ́líìnì ti bó ló ń sọ ohun tí yóò ṣe èèyàn.

Ti Títílọpẹ́, ojú ọ̀tún ló gbà yọ. Ní ìparí Oṣù Kẹjọ, ojú náà ń ro ó nígbàkúùgbà tó bá yí i, ó ṣú, àwọ̀ pupa sì ṣá lójú rẹ̀ bí aṣọ tí oòrùn ti pa. Nígbà tí mo bi í léèrè dáadáa, ó rántí pé láti ìgbàyà dé ẹsẹ̀ òun kú tipiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dún 2023, tó sì lọ fúnra rẹ̀. Ìkọlù àkọ́kọ́ nìyẹn.

Àwòrán tí a fi ẹ̀rọ òòfà yà fi ojú ibi mẹ́sàn-án tí máyẹ́líìnì ti bó hàn nínú ọpọlọ, àti ọ̀kan nínú mùdùnmúdùn ọrùn. Méjì nínú wọn gba oògùn àwọ̀ tí a fún un lójú iṣan, ìyẹn ni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jà. Àwọn yòókù ti pẹ́. Omi tí a fà láti ẹ̀yìn rẹ̀ ní àmì purotéènì tí kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. A tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún àìsàn méjì tó jọ èyí, nítorí pé ọ̀kan nínú wọn wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, oògùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Méjèèjì kò sí lára rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò yìí dá mi lójú.

Sìtẹ́rọ́ìdì tó lò, mẹ́tílù-pẹrẹdinísólóònù milígíráàmù 500 lójúmọ́ fún ọjọ́ 5, ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ojú náà ti ń là. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra irú rẹ̀ fún un ní kẹ́míìsì bó bá wá kí yín. Ńṣe ló ń mú kí ara tètè bọ̀ sípò lẹ́yìn ìkọlù, kì í dènà ìkọlù mìíràn, bí èèyàn bá sì ń lò ó lọ bẹ́ẹ̀, eegun á rọ, ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru á dé.

Èyí tó ń dènà ni ọkirẹlisumáàbù. Ó ń mú irú sẹ́ẹ̀lì kan tó wà nídìí ìjà náà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Milígíráàmù 300 ni a ó kọ́kọ́ fà sí i lára, 300 mìíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, lẹ́yìn náà 600 ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. A ó fún un ní sìtẹ́rọ́ìdì díẹ̀ àti oògùn ara yíyún ṣáájú, nítorí pé ọ̀fun lè máa yún un tàbí kí ara rẹ̀ sú. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, nọ́ọ̀sì á dín ìṣàn oògùn kù. Ewu tó ń bẹ nínú rẹ̀ ni pé kòkòrò àrùn lè tètè rí àyè wọlé. A ti yẹ àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ Bí wò, torí oògùn yìí lè jí i bó bá ti fara pamọ́. Kò sí lára rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ lè sọ pé, "Ṣebí ara rẹ̀ ti yá, kí la tún ń wá?" Àwọn ojú ibi tó ti pẹ́ yẹn ni ìdáhùn mi. Púpọ̀ nínú wọn kò dùn ún, kò mọ̀ pé wọ́n wà. Àìsàn yìí máa ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, ohun tó bá sì ti jẹ run kì í padà tán. Láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, ó sábà máa ń tètè dé ẹsẹ̀.

Nípa ìrìnàjò wálé: àjẹsára ibà pọ́njú jẹ́ irú èyí tí kòkòrò rẹ̀ wà láàyè, a kò gbọdọ̀ fún ẹni tó wà lórí oògùn yìí. Ó ti gbà á ní kékeré, káàdì yẹ́lò rẹ̀ sì wà títí ayé, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi dandan gún un lẹ́ẹ̀kejì. Kó lo oògùn adènà ibà ẹ̀fọn, kó sì sùn sínú nẹ́ẹ̀tì. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, tàbí tó rin nínú oòrùn, ojú náà lè ṣú padà fún wákàtí díẹ̀. Ara tó gbóná ló fà á, kì í ṣe ìkọlù tuntun. Ẹ yẹ ibà àti ìtọ̀ rẹ̀ wò, ẹ tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àmì tuntun bá lé ní wákàtí 24 láìsí ibà, ẹ pè wá.

Ìyá béèrè lórí fóònù bóyá ẹnì kan ló ṣe é, tàbí ohun tí ẹ̀yin ṣe. Rárá o. Fáírọ́ọ̀sì kan tó wọ́pọ̀, tí èyí tó pọ̀ jù lára wa ti ní, lọ́wọ́ sí i. Àìtó fítámì Dí àti sìgá mímu náà ń dá kún un. Ẹ gbàdúrà fún un, mo ṣàmín; kí ààwẹ̀ má ṣe dí oògùn lọ́wọ́, kó má sì mu àgbo tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí ẹ̀dọ̀. Àbúrò rẹ̀ lè ní in, ṣùgbọ́n bíi 2 tàbí 3 nínú 100 àbúrò ló ń ní in.

Ó lè lọ́kọ, ó lè bímọ. Ìkọlù a tilẹ̀ máa dín kù nínú oyún, a sì máa pọ̀ sí i ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìbímọ. Kó kàn sọ fún wa kó tó gbìyànjú, ká lè ṣètò oògùn. Níbi iṣẹ́, Òfin Ìdọ́gba ti ọdún 2010 ń dáàbò bò ó láti ọjọ́ tí a ti sọ orúkọ àìsàn yìí. Ó gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ níbí. Ọ̀pọ̀ ṣì ń wakọ̀.

Ọjọ́ tí a ó kọ́kọ́ fa oògùn náà sí i lára jẹ́ Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kọkànlá, èkejì ní 4 Oṣù Kejìlá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yóò tẹ̀lé e. Èmi àti nọ́ọ̀sì wa yóò pè yín lórí fídíò ní 30 Oṣù Kẹwàá, aago 5 ìrọ̀lẹ́ ti Ìbàdàn. Ẹ kọ gbogbo ìbéèrè yín sílẹ̀, títí kan èyí tí ẹ rò pé kò tó béèrè.

Èmi ni tiyín,
Dókítà Akínwálé,
Onímọ̀ ìṣègùn ọpọlọ àti iṣan-ara.