Ọjọ́ Kan Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nọ́ọ̀sì: fídíò ìgbanisíṣẹ́ ọsibítù wa n'Íbàdàn

Ẹ jọ̀ọ́, òṣèré ni kó ṣe gbogbo aláìsàn o, a ò ní ya aláìsàn gidi kankan. Nọ́ọ̀sì wa ló máa ṣe nọ́ọ̀sì, kí wọ́n má wojú kámẹ́rà, iṣẹ́ ni kí wọ́n wò.

AAGO 7:45 ÀÁRỌ̀, WỌ́Ọ̀DÙ OBÌNRIN
Nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ mọ́jú àtèyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé dúró níbi bẹ́ẹ̀dì 4.
NỌ́Ọ̀SÌ ÒRU: Ẹ káàárọ̀ àǹtí. Màmá ò sùn rárá, bípì wọn 160/100 laago mẹ́fà, mo pe dókítà, wọ́n ti lo oògùn, ẹ bá mi tún un yẹ̀ wò laago mẹ́jọ.
MÀMÁ: Ọmọ yìí ò fi mí sílẹ̀ láàárọ̀ yìí o. Ọlọ́run á bá a ṣe é.
OHÙN (nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù): Àwa kì í gbaṣẹ́ lórí tábìlì. Ibi bẹ́ẹ̀dì la ti ń gbà á, torí nǹkan tí fáìlì ò kọ, ojú aláìsàn á sọ ọ́.

AAGO 10:20, WỌ́Ọ̀DÙ ỌMỌDÉ
Ọmọ ọdún méjì, ibà ń ṣe é, ara ẹ̀ gbóná janjan. Nọ́ọ̀sì kékeré ti gún un lẹ́ẹ̀mejì, kò rí iṣan, ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀ ó lọ pe ọ̀gá ẹ̀.
ÌYÁ ÀGBÀ: Ẹ tún fẹ́ gún un ni?
Ọ̀GÁ NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ má bínú mà. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ fomi lọ́wọ́ọ́rọ́ mú ọwọ́ ẹ̀ gbóná, iṣan á hàn.
(Ọwọ́ nìkan ni kí kámẹ́rà wò: aṣọ tí wọ́n fi omi lọ́wọ́ọ́rọ́ rẹ tí wọ́n wé mọ́ ọn, àtàǹpàkò tó ń wá iṣan, ẹ̀jẹ̀ tó yọ díẹ̀ nínú kánúlà, dírípù bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ẹ má forin sí i rárá, ká máa gbọ́ mímí ìyá àgbà.)
OHÙN (nọ́ọ̀sì kékeré): Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ìtìjú ni mo fi ń gún ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Níbí, tó bá ti di ẹ̀ẹ̀mejì, pe ẹlòmíì, kò sẹ́ni tó máa fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́.

AAGO 1:10 Ọ̀SÁN, YÀRÁ ÌRỌBÍ
Ọmọ tuntun wà láyà ìyá ẹ̀, ara kan ara. Gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, àfi agbẹ̀bí tọ́wọ́ ẹ̀ wà níkùn ìyá.
AGBẸ̀BÍ: Ilé-ọmọ rọ̀. Ẹ wá o!
Ẹni mẹ́ta wọlé. Ẹnì kan ń ra ikùn, ẹnì kan fún un lábẹ́rẹ́ ọsitósìn, ẹnì kan ń wọn ẹ̀jẹ̀ tó wà lára aṣọ.
AGBẸ̀BÍ: Ó ti ń le. Ó ti le. Ìyá ọmọ, ẹ kú ewu o.
OHÙN (agbẹ̀bí): Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yìn ìbímọ, tó bá ti kọjá 500 mílílítà, kì í dúró dé ẹnikẹ́ni. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti lọ Lọ́ńdọ̀nù, mi ò bá wọn wí, owó ń bẹ níbẹ̀. Èmi ṣì wà níbí torí pé tí mo bá kígbe, wọ́n máa ń wá.

AAGO 2:30 Ọ̀SÁN, YÀRÁ ÌMÚRA
Nọ́ọ̀sì àárọ̀ bọ́ bàtà, àmì sọ́ọ̀kì hàn lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ó fi fóònù sétí.
NỌ́Ọ̀SÌ: Mo ń bọ̀. Ṣé ẹ ti jẹun?
OHÙN (Mátírọ́ọ̀nù): Tí láísẹ́nsì nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí yín ò bá tíì kú, ẹ mú fọ́tókọ́pì ẹ̀ wá sọ́fíìsì mi, Mọ́ńdè sí Fúráìdè, aago 9 sí aago 2. Ẹ bi mí léèrè owó oṣù, máa sọ ọ́ fún yín lójúkojú kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé.