Ẹ Dá Ọmọ Yín Lóhùn: Ìtọ́sọ́nà fún Òbí Ọmọ Ọdún Kan sí Mẹ́ta

Okun o, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, àti ẹ̀yin ìyá àgbà tí ọmọ wà lọ́wọ́ yín láti àárọ̀ di alẹ́. Àwọn ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ni mo ń tọ́jú ní jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Kábà níbí. Nígbà tí òbí bá mú ọmọ wá, ohun tí wọ́n sábà máa ń bi mí ni pé, "Àǹtí, ìgbà wo ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Òyìnbó?" Èmi náà á bi wọ́n pé, "Lánàá tí ẹ ń wẹ̀ fún un, kí lẹ jọ sọ?" Ọ̀pọ̀ nínú wọn á kàn máa wò mí. Kí ni èèyàn fẹ́ bá ọmọ ọdún kan ààbọ̀ sọ? Ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ èyí.

Ọmọ ti ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ láti inú oyún. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà sí méje, ó ti ń ṣe "bababa, mamama". Nígbà tí ó bá tó ọmọ ọdún kan, ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì á ti máa jáde. Bí ó bá fi máa pé ọdún méjì, ó yẹ kí ó ti máa so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀: "ìyá wá," "omi tán." Ọmọ kan máa ń yá ju èkejì lọ, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tí ń mú èdè láti inú afẹ́fẹ́. A lè tan rédíò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, kò ní fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Ẹni tí yóò dá a lóhùn ni ó ń wá.

Ìyá àgbà àti ẹ̀gúsí

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú rí. Mo lọ kí ìdílé ọmọ kan nílé, mo bá ìyá àgbà rẹ̀ tí ó ń bó ẹ̀gúsí lórí ẹní. Ọmọ náà kò tíì ju oṣù méjìdínlógún lọ. Ó mú ẹ̀gúsí kan, ó gbé e sókè, ó ní, "Bá!"

Ìyá àgbà wo ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ̀gúsí ni. O mú ẹ̀gúsí."

Ọmọ náà nà án sí i.

"Èmi lo fún? O ṣeun, ọkọ mi. Èyí tó jábọ́ ńkọ́? Ibo ló wà?"

Ìyá àgbà wá pa ẹnu mọ́. Ó dá ọwọ́ bíbó dúró, ó kàn ń wo ọmọ náà lójú. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èmi fẹ́ fi ìka tọ́ka sí i fún ọmọ náà, mo rọ́jú ni. Ọmọ wo ẹní, ó wo abẹ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó rí i, ó ké, "Gúsí!"

Mo rò ó títí lọ́nà bí mo ṣe ń padà bọ̀. Ìyá yìí kò lọ sí ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan. Ohun tí ojú ọmọ wà lára rẹ̀ ni ó dárúkọ. Kò fà á kúrò níbẹ̀ láti kọ́ ọ ní nǹkan mìíràn. Ó fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún ti ọmọ. Ó béèrè. Ó sì dúró. Dídúró yìí ló máa ń ṣòro fún àwa òbí jù, nítorí iṣẹ́ ń pè wá. Bí ẹ bá ti béèrè nǹkan lọ́wọ́ ọmọ, ẹ ka ení dé àrún nínú yín kí ẹ tó tún sọ̀rọ̀. Ọmọ nílò àkókò láti wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí. (Ẹ sì ṣàkíyèsí pé ojú ìyá àgbà kò kúrò lára ọmọ náà. Ẹ̀gúsí, ẹ̀pà àti ẹ̀wà lè há ọmọ lọ́fun, nítorí náà ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ fún un lóun nìkan.)

Bí ọmọ bá pe ọ̀rọ̀ ní àpètì, ẹ má sọ pé "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, sọ ọ́ dáadáa." Ẹ kàn tún un pè bó ṣe yẹ, kí ẹ sì fi díẹ̀ lé e. Ọkọ̀ àjàgbé kọjá lójú títì, ọmọ ní, "Tọ̀!" Ẹ ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ̀ ni. Ọkọ̀ ńlá! Ó ń lọ sí Lọ́kọ́ja." Ó ti gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ mìíràn yóò pè é dáadáa.

Ẹ tún máa fetí sí ohùn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nínú èdè wa, ohùn ló ń ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀, ọmọ sì sábà máa ń mú ohùn kí ó tó mú gbogbo lẹ́tà. Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tí a rò pé ó ń pe bàbá rẹ̀ kiri ní gbogbo ìgbà tí a bá fẹ́ jáde. Ìgbà tí mo fetí sílẹ̀ dáadáa ni mo gbọ́ pé "bàbà" ni ó ń wí, kì í ṣe "bàbá." Bàtà rẹ̀ ni ó ń béèrè! Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dá a lóhùn pé, "Bàtà rẹ rèé," ayọ̀ ojú ọmọ náà kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní.

Orin

Nínú orin, ọ̀rọ̀ máa ń falẹ̀, ó máa ń padà wá, ọmọ sì ti mọ ohun tó ń bọ̀ kó tó dé. Ẹ kò nílò ohùn dídùn. Ẹ béèrè àwọn orin ìrẹmọlẹ́kún lọ́wọ́ àwọn ìyá yín, ní Owé, ní Ìyàgbà, ní Ìjùmú, ní Bùnú, ní Ọ̀wọ́rọ̀, kí wọ́n tó gbàgbé wọn. Bí ẹ kò bá rí, ẹ dá tiyín. Èyí ni mo máa ń kọ nígbà tí mo bá ń wẹ̀ fún ọmọ:

Kàn-ìn-kàn-ìn dé orí o, ó dé orí,
Kàn-ìn-kàn-ìn dé ọrùn o, ó dé ọrùn,
Kàn-ìn-kàn-ìn dé ikùn o, ó dé ikùn,
Kàn-ìn-kàn-ìn dé ẹsẹ̀ o, ó dé…

Ibẹ̀ ni kí ẹ ti dákẹ́, kí ẹ gbé kàn-ìn-kàn-ìn sókè. Ọjọ́ kìíní, ọmọ á kàn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, á fi ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn yín. Tó bá yá, á sọ pé, "Sẹ̀!" Bàbá náà lè ṣe é. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin bàbá, ẹ má fi ìwẹ̀ ọmọ sílẹ̀ fún ìyá nìkan.

Eré

A kò nílò kí ẹ ra nǹkan ìṣeré. Ìkòkò àti ọmọrí rẹ̀ tó: "Ṣí i. Dé e. Kí ló wà nínú rẹ̀?" Bojúbojú dára fún ọmọ ọdún kan: ẹ fi ìborùn bojú, ẹ bi í pé, "Màmá dà?" Ní àsìkò kajú, ẹ jẹ́ kó kó èso rẹ̀ sínú abọ́, pupa lọ́tọ̀, rúsúrúsú lọ́tọ̀; ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yọ kóró ìdí rẹ̀ kúrò, nítorí oje èèpo rẹ̀ máa ń jó awọ ara. Bí ọmọ ọdún méjì bá pọn odó kékeré sẹ́yìn, tó ní ọmọ òun ni, ẹ má ṣe sọ pé odó ni. Ẹ bi í bóyá ọmọ rẹ̀ ti jẹun. Ibi tó ti ń fi nǹkan kan dúró fún òmíràn yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń pọ̀ sí i.

Tó bá ti lé ní ọdún méjì, ẹ máa pa àlọ́ kúkúrú fún un lálẹ́, èyí tí orin wà nínú rẹ̀ kí ó lè máa gbè é.

Fóònù

Èmi náà ti jìn sínú kòtò yìí. Nígbà tí ọmọ mi kejì wà ní kékeré, mo ń tajà lẹ́yìn iṣẹ́, fóònù ni mo máa ń gbé lé e lọ́wọ́ kó má baà sunkún. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún méjì, ó ń ka "wáànù, túù, tíríì" pẹ̀lú fóònù, àwọn aládùúgbò ń yìn ín. Ṣùgbọ́n bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, ẹkún ló máa ń sun. Kò lè sọ pé omi. Ó dùn mí gan-an. Mo gba fóònù, ilé kò rọgbọ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, mo wá ń jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá ọjà, a jọ ń ka tòmátì. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde díẹ̀díẹ̀. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì má wo fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n rárá, kí ti ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má kọjá wákàtí kan lóòjọ́, àti pé bó bá dín sí bẹ́ẹ̀, ó tún sàn jù.

Èdè wo?

Èyí tó yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu jù ni. Bí ìyá bá ń sọ Ìyàgbà, tí bàbá jẹ́ Ẹ̀bìrà tàbí Ígálà, kí kálukú sọ tirẹ̀. Èdè méjì tàbí mẹ́ta kì í da ọmọ lórí rú, bó tilẹ̀ ń pò wọ́n pọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ ń sáré lé, ilé ìwé á kọ́ ọ. Ọmọ tó ti ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ ní èdè ilé rẹ̀ kì í pẹ́ mú òmíràn.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn

Ẹ má gbà pé "ọmọkùnrin máa ń pẹ́ sọ̀rọ̀" kí ẹ sì jókòó. Ẹ gbé e lọ bí ó bá pé ọdún kan tí kò tọ́ka sí nǹkan, tí kì í juwọ́, tí kì í pariwo eré. Bí ó bá pé oṣù méjìdínlógún láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Bí ó bá pé ọdún méjì tí kò so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Tàbí bí ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ tẹ́lẹ̀ bá pòórá, ìgbà yòówù kó jẹ́. Etí ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nílé, ẹ lè dúró sẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó ń ṣeré, kí ẹ rọra pe orúkọ rẹ̀. Bí etí rẹ̀ bá ń ṣọyún, ẹ má da àdí tàbí òróró sí i. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Ọmọ tí ibà pọ́njú mú gan-an nígbà tí a bí i, tàbí tó ti ní àrùn yírùnyírùn, nílò àyẹ̀wò etí bí ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe é.

Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà ń sọ sínú ìwé, bí ó ṣe ń pè é gan-an: "gúsí" fún ẹ̀gúsí, "tọ̀" fún ọkọ̀. Ẹ mú un dání, nítorí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ kì í lanu rárá níwájú dókítà.