Káàdì Àtúnyẹ̀wò: Àṣìrò Inú Àròyé

Fún ẹgbẹ́ ìkàwé wa, ìdánwò Lọ́jíìkì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ ka iwájú, ẹ dáhùn sókè, kí ẹ tó yí káàdì sẹ́yìn.

1. Kí ni àṣìrò inú àròyé?
Ẹ̀yìn: Àròyé tó dùn létí, àmọ́ tí ẹ̀rí rẹ̀ kò gbé ibi tó parí sí. Ohun tí ọ̀rọ̀ ń sọ ló lábùkù, kì í ṣe bí a ṣe to gbólóhùn. Arísítọ́tù, onímọ̀ ọgbọ́n orí ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, to oríṣi àṣìrò 13 sílẹ̀. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀.

2. Bíbú ẹni tó sọ̀rọ̀
Ẹ̀yìn: Kí a fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí a dojú kọ ẹni tó sọ ọ́.
Àpẹẹrẹ: Ní ìpàdé àdúgbò, ọ̀dọ́mọkùnrin kan béèrè bí wọ́n ṣe ná owó kànga. Alága ní: "Ìwọ tí o ò tíì gbéyàwó, kí lo mọ̀?"
Ẹ ṣọ́ra: ní kóòtù, kí a béèrè bóyá ẹlẹ́rìí ti purọ́ rí kì í ṣe àṣìrò.

3. Fífi ọ̀rọ̀ síni lẹ́nu
Ẹ̀yìn: Yíyí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sí èyí tó rọrùn láti já.
Àpẹẹrẹ: "Pa fóònù rẹ ní aago 10 alẹ́." "Hà, Màámi, ẹ ò fẹ́ kí n lọ́rẹ̀ẹ́ rárá!"

4. Ó ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé e, nítorí náà òun ló fà á
Ẹ̀yìn: "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"
Mo fẹ́ràn òwe yìí, àmọ́ gbogbo ohun tó fi hàn ni pé ọ̀kan ṣáájú èkejì. Ká ní ibà ló pa ọmọ náà: nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 15 lẹ́yìn tí ẹ̀fọn bá ti gbé kòkòrò ibà síni lára ni ara máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Kí igbe àná tó ta, àìsàn ti wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ bi ara yín: bí àjẹ́ kò bá ké, ṣé ọmọ kò ní kú? Irú àròyé yìí ni wọ́n fi ń lé àwọn ìyá arúgbó kúrò nílé. Ìdí tí káàdì yìí fi gùn nìyẹn.

5. Àìrí ẹ̀rí di ẹ̀rí
Ẹ̀yìn: Ní 1950, Sẹ́nétọ̀ Makáátì ti Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan òṣìṣẹ́ ìjọba kan, ó ní kò sí ohun tó wà nínú fáìlì tó fi hàn pé onítọ̀hún kì í bá àwọn Kọ́múnísì ṣe.

6. Ẹni ńlá ló sọ ọ́
Ẹ̀yìn: Gbígba ọ̀rọ̀ nítorí orúkọ nìkan.
Àpẹẹrẹ: Arísítọ́tù kan náà kọ ọ́ pé eyín ọkùnrin pọ̀ ju ti obìnrin lọ. 32 ni eyín àgbàlagbà, lọ́kùnrin lóbìnrin. Kí a la ẹnu ká kà á ló yẹ.

7. Méjì péré ló wà
Ẹ̀yìn: "Bí o ò bá dìbò fún wa, ọ̀tá ìlú ni ọ́."

8. Àròyé olóbìírípo
Ẹ̀yìn: "Òótọ́ ni mo sọ, torí pé n kì í purọ́."