Àdéhùn Ẹja Àrọ̀ Tí A Jọ Ṣe ní Pọ́ńdì Yín

Ìkòròdú
Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù Kẹwàá, 2025

Alhaji mi,

Àsàláámù àléékúmù. Ẹ kú iṣẹ́ o. A dúpẹ́ pé ẹ gbà wá tọ̀yàyàtọ̀yàyà ní pọ́ńdì yín ní Ìgbógbó lọ́jọ́ Sátidé, 11 oṣù yìí. Mo ní kí n kọ ohun tí a jọ sọ sílẹ̀, kí ó lè wà lọ́wọ́ èmi àti ẹ̀yin. Owó kọ́pọ́ wà nínú owó tí mo fẹ́ fi ra ẹja yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mi ò gbẹ́kẹ̀ lé yín.

Ẹ ó tà mí ní ẹja àrọ̀ 600 kílò, ní ₦3,200 kílò kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦1,920,000. Èyí tí mo lè yan ni mo fẹ́: ẹja méjì tàbí mẹ́ta nínú kílò kan. Ọjọ́ Ẹtì mẹ́ta ni màá wá kó o, 200 kílò lẹ́ẹ̀kan: 24 oṣù Kẹwàá, 7 àti 21 oṣù Kọkànlá. Ẹ ní bí owó oúnjẹ ẹja bá tilẹ̀ gbówó lórí, iye yìí kò ní yí títí a ó fi kó o tán. Inú mi dùn sí ìyẹn gan-an.

Mo ti san ₦400,000 sílẹ̀ ní tiransífà lójú yín. Màá san ₦640,000 ní ọjọ́ kìíní, màá sì tún san ₦640,000 ní ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹta, a ó yọ owó tó wà nílẹ̀ kúrò, yóò wá ku ₦240,000.

Ti ìwọ̀n ló gbà wá lákòókò jù. Ẹ gbà pé ẹ kò ní fún ẹja tí a fẹ́ kó lóúnjẹ láti àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí oúnjẹ inú wọn má baà kún kílò tí mò ń sanwó fún. Ìwọ̀n yín la ó lò, ṣùgbọ́n èmi náà lè gbé tèmi wá. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, a kò ní kó ẹja títí a ó fi mọ èyí tó tọ́. Ọmọ yín tó ń bójú tó pọ́ńdì àti àbúrò mi jọ gbọ́ èyí.

Èmi ni màá san owó ọkọ̀ dé Sábó.

Ohun kan wà tí a kò sọ parí: ẹja tó bá kú. Ohun tí mo rò pé ó tọ́ ni pé èyí tó bá kú kí a tó wọ̀n ọ́n jẹ́ tiyín, èyí tó bá sì kú lójú ọ̀nà jẹ́ tèmi. Kò tíì di àdéhùn o, àyàfi bí ẹ bá fọwọ́ sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dáadáa. Bí mo bá gbọ́ ohunkóhun sódì, tàbí mo fo nǹkan kan, ẹ bá mi tún un ṣe. Bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀ lójú yín, ẹ fi èsì ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù kó tó di ọjọ́ Ẹtì, 17 oṣù yìí, pé ẹ gbà, kí ẹ sì sọ èyí tí ẹ fẹ́ lórí ẹja tó bá kú. Màá mú ẹ̀dà méjì wá ní ọjọ́ 24 kí a jọ fọwọ́ sí i kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ẹja.

Ẹ bá mi kí Alhaja.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Bíọ́lá, ẹlẹ́ja yíyan, Ọjà Sábó